Wákàtí Tí Tírélà Kò Fi Rìn

Láti Àpápá dé Kánò tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Bí tírélà bá dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn Jẹ́bà, àfi kí mẹkáníìkì gbéra láti Ìlọrin, kí ọmọ ọkọ̀ ṣọ́ ẹrù mọ́jú, kí ẹlẹ́rù sì máa pe ọlọ́kọ̀ lórí fóònù láìsinmi. Àwọn ìbàjẹ́ kan wà tó jẹ́ pé àpẹẹrẹ wọn ti hàn kí ọkọ̀ tó kúrò ní Èkó. Inú tírákà ló ti ń hàn, ẹ̀rọ kékeré tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ rà nítorí olè àti nítorí dírẹ́bà tó ń ta dísẹ́ẹ̀lì lójú ọ̀nà.

Kìlómítà ni ọ̀pọ̀ gáréèjì fi ń mọ ìgbà tí sáfíìsì tó. Wọ́n á ní tí ọkọ̀ bá ti rìn 10,000, kí wọ́n pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì àti fílítà. Èyí dára fún ọkọ̀ tó ń rìn geere. Ṣùgbọ́n tírélà tó tò sórí ìlà ní èbúté ńkọ́? Dírẹ́bà kì í fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì, torí ìlà lè sún nígbàkigbà. Kìlómítà dúró, epo ẹ́ńjìnnì ń gbó lọ. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró kì í gbóná tó bó ṣe yẹ, dísẹ́ẹ̀lì tí kò bá jó tán á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ pístìnì sọ̀ kalẹ̀ sínú epo, títí epo á fi ṣàn jù, tí kò ní lè dáàbò bo irin mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọkọ̀ kan. Ká ní àlọ àtàbọ̀ Kánò jẹ́ 2,000 kìlómítà, tó ń gba wákàtí 45 lórí ìrìn, tí ìlà èbúté sì ń gba 20 sí i láìpa ẹ́ńjìnnì. Wákàtí 65 nìyẹn. Ọ̀gá gáréèjì tó mọ iṣẹ́ á kọ òṣùwọ̀n méjì sílẹ̀, 10,000 kìlómítà tàbí wákàtí 250, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Nígbà tí ọkọ̀ yìí bá ti lọ ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, 8,000 kìlómítà péré ló rìn, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 260. Ẹni tó ń wo kìlómítà nìkan á tún rán an lọ ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, á sì bọ̀ pẹ̀lú wákàtí 325 lórí epo kan náà.

A ò lè dá ọkọ̀ padà láti Mọ́kwá torí pé wákàtí rẹ̀ pé. Nítorí náà, kó tó gba ẹrù ló yẹ kí ẹni tó ń pín iṣẹ́ béèrè bóyá ọkọ̀ lè lọ kó sì bọ̀ kí àkókò rẹ̀ tó kọjá. Ní ti ọkọ̀ wa yìí, wákàtí 195 ló wà nílẹ̀ lẹ́yìn ìrìn kẹta. Wákàtí 10 tí ìrìn kẹrin máa fi lé kò tó ìjà, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ pé ìlà èbúté ti di wákàtí 50, iye rẹ̀ á di 290. Kí wọ́n pààrọ̀ epo kó tó wọ èbúté.

Báwo ni tírákà ṣe ń ka wákàtí? Lára ọkọ̀ ìgbàlódé, ó lè kà á látinú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì. Lára ọkọ̀ àtijọ́, wáyà kọ́kọ́rọ́ nìkan ló ń wò, bí dírẹ́bà bá sì yí kọ́kọ́rọ́ torí àtigbọ́ rédíò, tírákà á kà á sí iṣẹ́. Fóltì bátìrì ni a fi ń yanjú èyí. Bátìrì méjì tí tírélà ń lò máa ń wà ní nǹkan bíi fóltì 25 tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa, á sì gun nǹkan bí 28 tó bá ń ṣiṣẹ́. Wákàtí tí fóltì bá ju 27 lọ nìkan ni kí ẹ kà.

Fóltì yìí tún ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí ọkọ̀ tó máa ń wà ní 28 bá bọ́ sí 27.4 lọ́sẹ̀ yìí, tó tún bọ́ sí 26.5 lálẹ́ nígbà tí dírẹ́bà tan iná iwájú, ó ṣeé ṣe kí fánbẹ́ẹ̀tì ti dẹ̀ tàbí kí ọtanétọ̀ ti ń kú lọ. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lè máa rìn láìsí iná, ìyẹn kò sì gbọdọ̀ tan ọlọ́kọ̀ jẹ, torí lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́ẹ̀tì yìí náà ló ń yí pọ́ǹpù omi. Bó bá já, ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá ààlà láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹni tó ń wo nọ́ńbà yìí ní Èkó lè pe dírẹ́bà pé kó yà ní Ìlọrin kí wọ́n fún bẹ́ẹ̀tì tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Àmọ́ tírákà kì í rí gírísì inú họ́ọ̀bù táyà, bẹ́ẹ̀ ni kì í rí bí bíréèkì ṣe jẹ tó. Bí ọkọ̀ bá dúró ní Ògèrè, kí ọmọ ọkọ̀ sún ẹ̀yìn ọwọ́ mọ́ họ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan láìkọ́kọ́ gbá a mú. Bí ti ọ̀tún bá gbóná ju ti òsì lọ gan-an lórí ásù kan náà, béárìn ti ń gbẹ tàbí bíréèkì kò tú. Kí wọ́n pe gáréèjì kí ọkọ̀ tó ṣí, kí gáréèjì sì kọ ọ́ sínú ìwé kan náà tí wákàtí ẹ́ńjìnnì wà.