Àkọsílẹ̀ Nọ́ọ̀sì ní Apá Mẹ́rin

“Obìnrin ọdún 42, iṣẹ́ abẹ fíbírọ́ìdì lánàá, ó mu tíì díẹ̀, ìfúnpá 88/50, ọkọ rẹ̀ wá, ọkàn ń lù ní 124, báńdéèjì rin.” Bí nọ́ọ̀sì alẹ́ bá kọ ọ́ báyìí, ewu ti fara pamọ́ sí àárín tíì àti ọkọ.

Ètò alápá mẹ́rin, tó wá láti inú ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ló ń tú u síta.

Ipò: ìfúnpá ti já láti 120/76 sí 88/50 láàárín wákàtí méjì, ọkàn ń lù ní 124.

Ìtàn: iṣẹ́ abẹ fíbírọ́ìdì lánàá.

Àyẹ̀wò: báńdéèjì rin fún ẹ̀jẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ máa dà nínú.

Àbá: kí dókítà wá báyìí, kí a máa wọn ìfúnpá ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Apá kẹta ni ọ̀pọ̀ ń fò, nítorí wọ́n rò pé dókítà nìkan ló lè sọ ohun tí wọ́n fura sí. Nọ́ọ̀sì lè kọ “mo fura sí” láìfi orúkọ àrùn múlẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí irú aláìsàn yìí dúró de ìyípadà iṣẹ́: ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ kọ àkókò tí ẹ pè é.