Láti Fọ́tò Pátákó sí Ìgbésẹ̀ Onínọ́ńbà: Ìdí Tó Wà Lẹ́yìn Ìlà Kọ̀ọ̀kan

Bí olùkọ́ ìṣirò bá ti yanjú ìbéèrè tó le lórí pátákó, kó tó di alẹ́, fọ́tò rẹ̀ á ti dé orí Wáásáàpù àwọn ọmọ kíláàsì. Ẹni tó wá sílé-ẹ̀kọ́ ló yà á, ẹni tí kò wá sì rí i gbà. Ìdáhùn wà nínú rẹ̀ pátápátá. Àmọ́ ẹnu ni olùkọ́ fi sọ ìdí tí ìlà kan fi tẹ̀lé èkejì, fọ́tò kò sì gbọ́ ohùn. Ọmọ tó gba fọ́tò náà lè dà á kọ sínú ìwé rẹ̀ láì fi àmì kan sílẹ̀, kó má sì lè yanjú ìbéèrè mìíràn tó jọ ọ́.

Ohun tí àwọn olùkọ́ kan ń ní kí àwọn ọmọ ṣe nìyí: kí wọ́n tú fọ́tò náà palẹ̀, kí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ìdí rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ìṣirò kan tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama máa ń bá pàdé. Ohun tó wà lórí pátákó nìyí:

√(x + 7) = x − 5
x + 7 = x² − 10x + 25
x² − 11x + 18 = 0
(x − 9)(x − 2) = 0
x = 9 tàbí 2

Olùkọ́ fa ìlà kọjá lórí 2 tó gbẹ̀yìn yẹn, ó sì fi 9 sílẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó sọ ohun tí 2 ṣe.

Kíka fọ́tò náà dáadáa

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti mọ ohun tí wọ́n kọ gan-an, nítorí ṣọ́ọ̀kì àti ìmọ́lẹ̀ fèrèsé máa ń da ojú rú. Nínú irú fọ́tò báyìí, àmì rúùtù ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Rúùtù 16 ni 4, torí pé 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16. Ìlà gígùn tó wà lórí àmì náà ló sì ń sọ ibi tí agbára rẹ̀ dé. Bí olùkọ́ bá fa ìlà yẹn ní kúkúrú, ẹni tó ń wo fọ́tò kò ní mọ̀ bóyá x nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí x pẹ̀lú 7.

Ìlà tó tẹ̀lé e ló máa ń ṣe ẹlẹ́rìí. Síkúéà ni kí a fi nọ́ńbà ṣe ìsọdipúpọ̀ ara rẹ̀, òun ló sì ń tú rúùtù ká. Bó bá jẹ́ pé x nìkan ni rúùtù bò, síkúéà √x + 7 yóò jẹ́ x + 14√x + 49. Ṣùgbọ́n x + 7 péré ló wà ní apá òsì ìlà kejì, nítorí náà rúùtù bo méjèèjì. Bákan náà ni tí a kò bá mọ̀ bóyá 11x ni olùkọ́ kọ tàbí 17x: bí a bá yọ x kúrò nínú −10x, −11x ló kù, 17x kò sì ní ibi tó ti lè wá.

Títẹ̀ ẹ́ sórí fóònù náà ní ewu tirẹ̀. 2 kékeré tó wà lókè x lè bọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kí x² di x2, kí ẹni tó ń kà á sì rò pé 2x ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń tẹ̀ ẹ́ báyìí, tí wọ́n sì ń fi àkámọ́ ká gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rúùtù:

```
sqrt(x + 7) = x - 5
x + 7 = x^2 - 10x + 25
```

Ìdí yàtọ̀ sí ìròyìn

Lẹ́yìn èyí ni nọ́ńbà kàn. Òfin ibẹ̀ ni pé ohun kan ṣoṣo ni ìgbésẹ̀ kan gbọ́dọ̀ ṣe. Láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkejì lórí pátákó yẹn, nǹkan méjì ni olùkọ́ ṣe pọ̀: ó sọ apá méjèèjì di síkúéà, ó sì tú àkámọ́ apá ọ̀tún. A óò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń kùnà ni kíkọ ìdí. Wọ́n á kọ pé, “A sọ apá méjèèjì di síkúéà.” Ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ẹni tó ní ojú sì ti rí i. Ìdí ni òfin tó gbà wá láyè láti ṣe é: bí nọ́ńbà méjì bá dọ́gba, síkúéà wọn náà yóò dọ́gba.

Ìyàtọ̀ yìí ti pẹ́ nínú ìṣirò. Ní nǹkan bí ọdún 820, ní Bàgídáàdì, al-Khwarizmi kọ ìwé rẹ̀ lórí áljẹ́bírà, ọ̀rọ̀ lásán ló sì fi kọ gbogbo rẹ̀, láìsí x, láìsí àmì ìdọ́gba. Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè rẹ̀ ni èyí tí a óò kọ lónìí báyìí: x² + 10x = 39. Ó kọ́kọ́ sọ ọ̀nà tí a óò gbà dé orí 3 tí í ṣe ìdáhùn. Lẹ́yìn náà ló ya igun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba, ó sì fi àwọn ègé mìíràn kún un títí ó fi di igun mẹ́rin tó tóbi jù, kí òǹkàwé lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó mú ọ̀nà náà jẹ́ òtítọ́.

Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ láti inú ìlà márùn-ún

Bí fọ́tò wa ṣe rí nìyí lẹ́yìn tí a ti tú u palẹ̀. Àmì ìràwọ̀ (*) wà lára ìgbésẹ̀ tí kò sí lórí pátákó, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé olùkọ́ ló kọ ọ́.

1. √(x + 7) = x − 5
Ìdí: bí ìbéèrè ṣe wá nìyí. Àmì rúùtù kì í fúnni ní nọ́ńbà tó kéré sí òdo, nítorí náà x − 5 náà kò gbọdọ̀ kéré sí òdo.

2.* x + 7 = (x − 5)²
Ìdí: bí nǹkan méjì bá dọ́gba, síkúéà wọn dọ́gba.

3. x + 7 = x² − 10x + 25
Ìdí: (x − 5)² ni (x − 5) lọ́nà (x − 5). Ohun gbogbo tó wà nínú àkámọ́ kan gbọ́dọ̀ bá ohun gbogbo tó wà nínú èkejì pàdé, −5x sì jáde lẹ́ẹ̀mejì.

4. x² − 11x + 18 = 0
Ìdí: bí a bá yọ ohun kan náà, x + 7, kúrò ní apá méjèèjì, wọn yóò ṣì dọ́gba. Apá tí òdo wà ni a kọ sí ọ̀tún.

5. (x − 9)(x − 2) = 0
Ìdí: −9 àti −2 ni nọ́ńbà méjì tí àpapọ̀ wọn jẹ́ −11, tí ìsọdipúpọ̀ wọn sì jẹ́ 18.

6. x = 9 tàbí x = 2
Ìdí: ìsọdipúpọ̀ nọ́ńbà méjì kò lè jẹ́ òdo àfi tí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ òdo.

7.* Fún x = 9: √16 = 4, 9 − 5 = 4. A gbà á.
Ìdí: apá méjèèjì ìgbésẹ̀ 1 dọ́gba.

8.* Fún x = 2: √9 = 3, 2 − 5 = −3. A kọ̀ ọ́.
Ìdí: 3 kò dọ́gba pẹ̀lú −3.

Ìbéèrè ọmọ tó rí 2 tí wọ́n fa ìlà lé lórí ti rí èsì, ṣùgbọ́n ó yẹ ká béèrè ibi tí 2 gbà wọlé. Ẹ fi 2 sí ipò x ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ìgbésẹ̀ 1, 3 ni apá kan, −3 ni èkejì, irọ́ ni. Ní ìgbésẹ̀ 2, 9 ni apá òsì, (−3)² tí í ṣe 9 sì ni apá ọ̀tún. Òtítọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ló sì ń bá a lọ títí dé ìgbésẹ̀ 6. Àárín ìgbésẹ̀ 1 àti 2 ni 2 ti yọ́ wọlé.

Ọ̀rọ̀ ìdí ìgbésẹ̀ 2 gan-an ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bí nǹkan méjì bá dọ́gba, síkúéà wọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n síkúéà lè dọ́gba kí àwọn nọ́ńbà fúnra wọn má dọ́gba, gẹ́gẹ́ bí 3 àti −3. Òfin náà ń gbéni lọ, kì í dá ni padà. Ìgbésẹ̀ 3 sí 6 kò rí bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá fi x + 7 tó yọ kúrò padà yóò bá ara rẹ̀ níbi tó ti kúrò. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ìdí ìgbésẹ̀ 2 dáadáa ti mọ̀ láti ibẹ̀ pé òun ní láti yẹ ìdáhùn wò níkẹyìn. Ẹni tó kọ ìròyìn lásán yóò fi 9 àti 2 sílẹ̀ pọ̀, yóò sì pàdánù máàkì.

Mímọ ibi tí àṣìṣe wà

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá àkámọ́ tí a tú jẹ́ òótọ́, kí a fi nọ́ńbà kan sí ipò x ní ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì. Ẹ mú 3: (3 − 5)² jẹ́ 4, 9 − 30 + 25 náà jẹ́ 4.

Kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà ló dára fún iṣẹ́ yìí. Ká ní ẹnì kan ka −10x sí +10x láti inú fọ́tò. Bó bá fi 0 yẹ̀ ẹ́ wò, 25 ni yóò rí ní ìhà méjèèjì, àṣìṣe náà yóò sì fara pamọ́. Ká ní ó kà á sí −10x², tó sì fi 1 yẹ̀ ẹ́ wò, 16 ni yóò rí ní ìhà méjèèjì, torí pé 1 àti síkúéà rẹ̀ kò yàtọ̀. Pẹ̀lú 3, àṣìṣe méjèèjì hàn kedere: ti àkọ́kọ́ fún un ní 64 dípò 4, ti èkejì sì fún un ní −56.

Ohun kan wà tí ìdánwò yìí kò lè ṣe. Bí ìlà kan bá bọ́ sẹ́yìn etí fọ́tò, a lè wá ọ̀nà tó tọ́ láti kọjá ibẹ̀, àmọ́ a kò lè sọ pé ọ̀nà tí olùkọ́ gbà nìyẹn. Láti ìgbésẹ̀ 4 dé 6, ẹlòmíràn ì bá ti lo fọ́múlà, kó sì dé orí 9 àti 2 kan náà. Nítorí náà, kí ẹni tó ń tú fọ́tò palẹ̀ fi ìràwọ̀ sí ohun tó fi kún un, kó sì fi fọ́tò àkọ́kọ́ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń fi ránṣẹ́, kí ẹni tó bá ṣiyèméjì lórí ìgbésẹ̀ kan lè fúnra rẹ̀ wo ohun tó wà lórí pátákó.