Kí Onílé Tó Gba Kọ́kọ́rọ́ Balùwẹ̀ Tuntun

Táìlì tó ń dán a máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Kí onílé tó san owó tó kù fún kọ́lékọ́lé, kó gbé garawa omi kan wọ balùwẹ̀, kó dà á sílẹ̀ níbi tó jìnnà sí ihò tí omi ń gbà jáde.

Bí ilẹ̀ bá dagẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 ní mítà kọ̀ọ̀kan, omi yóò wá ihò náà lọ fúnra rẹ̀. Ibi tó bá dúró sí nídìí ògiri, wọn yóò tú táìlì ibẹ̀, wọn yóò tún un tẹ́. Bíríkìlà lè ní símẹ́ǹtì funfun á yanjú ẹ̀. Irọ́ ni.

Lẹ́yìn náà, kó máa fi orí kọ́kọ́rọ́ gbá táìlì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí símẹ́ǹtì dì mú á dún kì. Èyí tó ṣófo lábẹ́ á dún bí agolo. Igun ló sábà máa ń ṣófo, torí àárín nìkan ni wọ́n bu símẹ́ǹtì sí.

Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Kó jókòó lé e, kó mì: kò gbọdọ̀ yẹ̀. Kó da aró díẹ̀ sínú táǹkì rẹ̀, kó má ṣe fi omi ṣàn án fún ìdajì wákàtí. Bí àwọ̀ bá yọ nínú àwo, rọ́bà ìdí táǹkì ló ń jò.