Èló Ló Kù Bí A Bá San Gbèsè?

Ẹ jẹ́ ká mú tọkọtaya kan n'Íbàdàn: tíṣà ni bàbá, ìyá ń ta aṣọ ọmọdé. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn lówó lọ́wọ́ àbí ariwo lásán ni. Bí wọ́n bá ta gbogbo ohun tí wọ́n ní lónìí, tí wọ́n san gbogbo gbèsè, èló ni yóò kù?

Orí ilẹ̀ ni ènìyàn ti máa ń tan ara rẹ̀ jù. Pílọ́ọ̀tì kan ni wọ́n ní lọ́nà Mọ́níyà, bàbá sì kọ 6,000,000 náírà síwájú rẹ̀, torí iye tí aládùúgbò ń pe tirẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó ń pe ilẹ̀ kò tíì tà á. Nígbà tí wọ́n wádìí, méjì tí wọ́n tà nítòsí lọ́dún yìí, 4,500,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Wọ́n yọ 500,000 fún ejẹ́ǹtì àti ìwé, ó ku 4,000,000. Iye yìí náà dúró lórí pé ìjọba kò tíì gba ilẹ̀ náà. Ọ́fíìsì Sọ̀fẹ́yọ̀ Àgbà ni wọ́n ti lè yẹ ìwé sọ́fè wò; bí ó bá bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba, òdo ni kí wọ́n kọ.

Bàbá tún fẹ́ ka ilé bàbá rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ mọ́ ọn. Ìyá ní rárá, ilé ẹbí tí wọn kò tíì pín kì í ṣe ti ẹnì kan. Òótọ́ ló sọ.

Ọkọ̀ wọn ńkọ́? 2,200,000 ni wọ́n rà á lọ́dún 2021. Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ ní àwọn lè rà á ní 3,500,000 báyìí. Ọkọ̀ tó ti gbó sí i ló wá gbówó lórí! Náírà ló já wálẹ̀, pàápàá láti Oṣù Kẹfà ọdún 2023, kì í ṣe pé ọkọ̀ dára sí i. Wọ́n kọ 3,500,000, ṣùgbọ́n kí wọ́n má pè é ní èrè.

Ọjà inú ṣọ́ọ̀bù, ní iye tí ìyá rà á, jẹ́ 800,000. Owó wọn nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, 700,000. Ti báńkì, 150,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9,150,000.

Ó wá ku gbèsè. 1,500,000 ni bàbá yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó ti dá 900,000 padà, nítorí náà 600,000 tó kù nìkan ni wọ́n kọ. Èyí tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ni àjọ ìyá: ènìyàn méjìlá, 50,000 lóṣù. Oṣù kẹta ló kó tirẹ̀, ó sì ti ná an. Oṣù mẹ́sàn-án tó kù, tí í ṣe 450,000, gbèsè ni. Ká ní kò tíì kó o ni, ohun tó ti dá ìbá jẹ́ ohun ìní.

Ẹ yọ 1,050,000 kúrò nínú 9,150,000, ó ku 8,100,000. Ilẹ̀ àti ọkọ̀ ló kó 7,500,000 nínú rẹ̀, owó ẹgbẹ́ sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdúró fún gbèsè. Bí àìsàn bá dé lálẹ́ òní, 150,000 inú báńkì nìkan ni ọwọ́ wọn lè tètè tẹ̀.