Ọjà Wo Ló Yẹ Kó Sún Mọ́ Ẹnu Ọ̀nà?

Ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ṣa ọjà, ìrìn lásán lè gba nǹkan bí ìdajì àkókò òṣìṣẹ́. Kì í ṣe pé ó ń lọ́ra. Páálí kan wà nítòsí, èkejì wà ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, oníbàárà kan náà ló sì béèrè méjèèjì.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé kí ọjà tí wọ́n ń wá jù wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀nà, àmọ́ ó ku ibì kan. Ní ọdún 1963, James Heskett, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan jáde tó ka àyè tí ọjà gbà mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìgbà 60 ni wọ́n ń wá omi inú ike lóòjọ́, tó sì gba ihò pẹpẹ 12. Abẹ fẹ́lẹ́ ń rí ìgbà 30 péré, ṣùgbọ́n ihò kan ti tó o. Ìgbà 5 ni wọ́n ń wá sídìí ihò omi kọ̀ọ̀kan. Ihò abẹ ń rí 30. Abẹ ló yẹ kó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí omi bá gba gbogbo ihò 12 tó wà níbẹ̀, ó ti lé irú ọjà kéékèèké 12 sẹ́yìn.

Iye ìgbà tí wọ́n wá ọjà ni kí a kà, kì í ṣe iye páálí tó tà. Ẹni tó ra 200 páálí lẹ́ẹ̀kan náà, ìrìn kan ló fà.

Ipa ẹsẹ̀ ló kàn. Bí ọjà tí a fẹ́ mú bá pọ̀ nínú ọ̀nà kan láàárín pẹpẹ, ó dáa kí a wọlé níhìn-ín, ká jáde lódì kejì, ká sì gba ọ̀nà tó tẹ̀ lé e padà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà náà bá gùn ní mítà 30, tó jẹ́ ọjà kan ṣoṣo la fẹ́ mú ní mítà 4, kí a wọ ibẹ̀ ká padà jẹ́ mítà 8 péré. Ní 1983, Ratliff àti Rosenthal fi hàn bí a ṣe lè ṣírò ipa tó kúrú jù lọ nínú ilé onígun mẹ́rin tí pẹpẹ rẹ̀ tò gbọọrọ. Ipa bẹ́ẹ̀ lè rújú lójú òṣìṣẹ́, kó sì yà kúrò nínú rẹ̀.

Ewu kan wà: bí gbogbo ọjà tí wọ́n ń wá jù bá wà nínú ọ̀nà kan ṣoṣo, kẹ̀kẹ́ á dí ara wọn. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń dúró de ara wọn lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ pín ọjà náà sí méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn ọ̀nà tó wà nítòsí.

Títún ọjà tò náà ń gba àkókò. Bí òṣìṣẹ́ méjì bá fi wákàtí kan pààrọ̀ àyè ọjà méjì, tí ìrìn tó dín kù sì jẹ́ ìṣẹ́jú 5 lóòjọ́, ọjọ́ 24 ni iṣẹ́ náà yóò fi san owó ara rẹ̀. Fún ọjà Kérésì tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó kásẹ̀ nílẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò níbi tó wà.