Ìkíni Lórí Wọ́sáàpù àti Ìpè Fídíò: Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí A Dúró De Ìdáhùn

Nínú àṣà wa, ìkíni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Ọmọdé yóò kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, àgbà yóò dáhùn, yóò béèrè àlàáfíà ilé. Lẹ́yìn èyí ni ọmọdé yóò tó sọ ohun tí ó bá wá. Lójúkojú, gbogbo rẹ̀ kì í pẹ́ rárá. Lórí Wọ́sáàpù, ó lè gba odidi ọjọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Jọ́ọ̀sì, tí ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ọ̀fà fọwọ́ sí ìwé onídùúró kan. Ọ̀la ni ọjọ́ tí wọn yóò gba ìwé náà kẹ́yìn. Ní aago 7 àárọ̀, ó kọ “Ẹ káàárọ̀, sà,” ó sì dákẹ́, nítorí ó kà á sí àìlẹ́kọ̀ọ́ láti bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan kí àgbà tó dáhùn. Aago 11 ni bàbá náà rí i, ó ní: “Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé kò sí?” Ọmọ ti wọ ẹnu iṣẹ́, aago 5 ni ó tó fèsì pé, “Kò sí o, sà. Ilé ńkọ́?” Bàbá ti lọ sí ìpàdé àdúgbò. Ilẹ̀ ṣú láìsí ẹni tí ó dárúkọ ìwé.

Àwọn méjèèjì kò ṣe àìdáa sí ara wọn. Àlàfo tí ó wà láàrin ìkíni àti ìdáhùn ni ó gùn jù. Ohun tí ó yẹ ni kí a má ṣe yí ètò ìkíni padà, ṣùgbọ́n kí a kó gbogbo rẹ̀ sínú iṣẹ́ kan ṣoṣo, báyìí:

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ara le, ṣé ilé wà ní àlàáfíà? Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìwé onídùúró kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi fọwọ́ sí kí ọ̀la tó parí. N ó pè yín ní aago 1, bí ó bá rọrùn fún yín.”

Ìkíni ṣì ni ó ṣáájú; àgbà kò sì ní láti dáhùn lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó mọ ohun tí a ń wá.

Lẹ́yìn èyí, kí a wo àmì. Àmì eérú kan ṣoṣo túmọ̀ sí pé iṣẹ́ náà kò tíì dé orí fóònù rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé dátà tán tàbí pé fóònù kú. Kò wúlò láti tún un fi ránṣẹ́. Àmì eérú méjì fi hàn pé ó ti dé. Bí méjèèjì bá di aláwọ̀ búlúù, ó ti ṣí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣí i nínú ọkọ̀ lè má ráyè kọ̀wé. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ti pa àmì búlúù rẹ̀, nítorí náà àìrí i kì í ṣe ẹ̀rí ìkóríra. Ọ̀rọ̀ tí kò kánjú lè dúró di ọjọ́ kejì. Èyí tí ó kánjú, ìpè ni ó tọ́ sí i.

Ìpè fídíò ní ìṣòro tirẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá fà, ohùn máa ń pẹ́ kí ó tó dé. Ọmọ yóò kí ìyá rẹ̀, kò ní gbọ́ nǹkan, yóò tún kí i. Àkókò náà gan-an ni ìdáhùn àkọ́kọ́ dé, ohùn méjèèjì yóò sì kọlu ara wọn. Kí a kí lẹ́ẹ̀kan, kí a dákẹ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Bí ohùn bá kọlura, kí ọmọdé dákẹ́ fún àgbà. Ẹni tí yóò dọ̀bálẹ̀, kí ó kọ́kọ́ gbé fóònù jìnnà sí ara rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ògiri ni ìyá yóò máa wò.

Àkókò náà yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Nígbà tí aago bá lu 8 alẹ́ ní Ìlọrin ní oṣù Keje, aago 2 ọ̀sán ni ní Hiúsítìn ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kìn-ín-ní, aago 1 ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó wà lọ́hùn-ún fi aago ìyá kí i: “Ẹ káalẹ́, mà.” Ìyá lè fi “Káàsán, ọmọ mi” dá a lóhùn.

Ẹni tí ó bá pẹ́ dé ìpàdé ẹbí lórí fídíò, kí ó ti pa máìkì rẹ̀ kí ó tó wọlé. Kí ó kọ ìkíni rẹ̀ sí ibi ìkọ̀wé, kí ó sì fẹnu kí àwọn àgbà nígbà tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bá dánu dúró.