Ààlà Òfò: Ìtàn Oníṣòwò Tó Pa Òfin Ara Rẹ̀ Tì

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń ra owó ilẹ̀ òkèèrè tí ẹ sì ń tà á lórí fóònù báyìí. Ohun kan wà lójú ẹ̀rọ yẹn tí wọ́n kọ `Stop Loss` sí. Èmi ń pè é ní ààlà òfò. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó jẹ́ àti ohun tó máa ń bà á jẹ́, n ó sì fi ìtàn kúkúrú kan ṣe é. Àròsọ ni oníṣòwò inú ìtàn náà àti owó ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n alẹ́ tí mo fi í sí kì í ṣe àròsọ. Gbogbo ayé ló rí ohun tí ọjà ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ààlà òfò jẹ́ àṣẹ tí oníṣòwò ń fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàtà rẹ̀ nígbà tó bá ra nǹkan. Ó ń wí pé: bí iye nǹkan yìí bá wálẹ̀ dé ibi báyìí, ẹ tà á, ẹ má bi mí léèrè mọ́. Ẹ̀yin tí a jọ ka gírámà yóò rí i pé gbólóhùn "bí … bá" lásán ni. Apá kìíní sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, apá kejì sọ ohun tí a ó ṣe tó bá ṣẹlẹ̀. Àkókò tí a sọ ọ́ ni agbára rẹ̀ wà. A sọ ọ́ nígbà tí ọkàn ṣì balẹ̀, tí owó kankan kò tíì máa jó. Tí a bá wá dúró kí ohun náà ṣẹlẹ̀ tán ká tó lọ tún apá kejì kọ, kò sí àṣẹ mọ́ nìyẹn. Ó ti di "bóyá".

Ẹ jẹ́ ká lọ sí alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2016. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ará Bìrìtéènì dìbò bóyá kí àwọn dúró nínú Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù tàbí kí àwọn jáde. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ti ibùdó ìdìbò pa, aago wa níbí sì bá tiwọn mu ní àkókò yẹn nínú ọdún. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò gbà pé wọn ò ní jáde, nítorí náà pọ́n-ùn ń gbówó lórí sí i.

Oníṣòwò wa jókòó sí yàrá rẹ̀ n'Íbàdàn. Dọ́là 2,000 ló wà nínú àkáǹtì rẹ̀. Ó ní òfin kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ: òun kò ní fi ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó òun wewu lórí òwò kan ṣoṣo. Dọ́là 40 nìyẹn. Ó ra pọ́n-ùn nígbà tí `GBPUSD` wà ní 1.4900, ìyẹn ni pé pọ́n-ùn kan ń gba dọ́là kan àti díẹ̀ tó kù díẹ̀ kó pé dọ́là kan ààbọ̀. Ó fi ààlà òfò rẹ̀ sí 1.4800. Ìdí rẹ̀ ni pé, lójú tirẹ̀, tí pọ́n-ùn bá já wálẹ̀ kọjá ibẹ̀, àwọn tó mọ ọjà jù ú lọ kò gbà mọ́ pé Bìrìtéènì yóò dúró nìyẹn, òun ló sì ṣì í.

Láti inú ààlà yẹn ló ti ṣírò iye tí òun yóò rà. Láti 1.4900 sí 1.4800 jẹ́ 0.0100. Dọ́là 40 tí a bá pín sí 0.0100 yóò fún wa ní 4,000. Nítorí náà pọ́n-ùn 4,000 ló rà, kò lé kan. Ẹ kíyè sí ètò yìí dáadáa. Ibi tí èrò rẹ̀ yóò ti já sí irọ́ ló kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ló tó ṣírò iye tí yóò rà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é ní òdìkejì: wọ́n á ra èyí tó wù wọ́n, wọ́n á wá máa wá ibi tí wọn yóò fi ààlà sí tí kò ní dùn wọ́n. Títí dé ibi tí a dé yìí, iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni ọ̀rẹ́ wa ń ṣe.

Pọ́n-ùn gòkè kọjá 1.5000. Inú rẹ̀ dùn. Ní ọ̀gànjọ́ òru, èsì Newcastle jáde: àwọn tó fẹ́ dúró borí, àmọ́ wọn ò fi púpọ̀ borí rárá. Pọ́n-ùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ wálẹ̀. Ó dé 1.4850, ó dé 1.4820. Ọ̀rẹ́ wa ń wò ó bó ṣe ń sún mọ́ ààlà rẹ̀. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ìlú kan péré nìyí, ó máa padà." Ó bá tẹ fóònù, ó pa ààlà náà rẹ́.

Láìpẹ́ sí i, èsì Sunderland dé. Ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò níbẹ̀ ló ní kí wọ́n jáde. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, pọ́n-ùn ti já wálẹ̀ dé àyíká 1.4300. Ọ̀rẹ́ wa ti pàdánù ju dọ́là 200 lọ nínú òwò tó ní dọ́là 40 ni òun yóò pàdánù mọ. Nígbà tí ọjà mí díẹ̀, tó padà sí 1.4400, kò tà. Ó tún ra pọ́n-ùn 8,000 mọ́ ọn, kí ó lè jẹ́ pé tó bá gòkè díẹ̀ péré, owó òun á ti padà. Ọjà sì tún gòkè lóòótọ́ lẹ́yìn náà, ó ju 1.4600 lọ. Ó rò pé òun ti bọ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún ìdájí lù, ilé iṣẹ́ BBC kéde pé àwọn tó fẹ́ jáde ló borí. Pọ́n-ùn wálẹ̀ lọ sí 1.3300, ó tiẹ̀ tún rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ̀n tó fi tà á. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Pọ́n-ùn 4,000 àkọ́kọ́ ti fi 0.1600 wálẹ̀, dọ́là 640 nìyẹn. Pọ́n-ùn 8,000 ìkejì ti fi 0.1100 wálẹ̀, dọ́là 880 nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 1,520. Dọ́là 480 ló ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá pàdánù 40 nínú 2,000 nílò èrè tó fi díẹ̀ lé ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún kó tó padà sípò. Ẹni tí 480 ṣẹ́ kù sọ́wọ́ rẹ̀ ní láti sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀. Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò.

Ẹnì kan lè ní, "Ká ní ó ní sùúrù ńkọ́?" Pọ́n-ùn gòkè díẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò padà sí 1.4900 ní ọdún náà, kò sì padà síbẹ̀ ní ọdún 2017. Nígbà tí 2016 fi parí, ó ti wà nísàlẹ̀ 1.2500.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ṣí àkọsílẹ̀ gbogbo òwò tó ti ṣe sẹ́yìn lórí ẹ̀rọ náà. Ibẹ̀ ló ti rí ohun tó yà á lẹ́nu, èyí tí mo kọ àpilẹ̀kọ yìí nítorí rẹ̀. Alẹ́ yẹn kọ́ ni ó kọ́kọ́ pa ààlà rẹ̀ rẹ́. Ìgbà kẹwàá rẹ̀ nìyẹn. Nínú mẹ́sàn-án tó ṣáájú, mẹ́jọ ló padà gòkè tí kò pàdánù kọ́bọ̀, ẹ̀kan péré ló fi dọ́là 90 lé e lórí. Ìyẹn ni pé ìwà yẹn ti gbà á lọ́wọ́ òfò dọ́là 40 lẹ́ẹ̀mẹjọ, dọ́là 320 lápapọ̀. Ọjà fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ ọ pé kò sí ewu. Ẹ̀kan péré ló wá kó èrè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, tó sì kó ohun tó ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó dára láti sún ààlà kò gbọdọ̀ ka iye ìgbà tó bọ́. Kí ó wo òfò tó tóbi jù lọ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ó fi í wé èyí tó pinnu. Tó bá pinnu dọ́là 40, tí òfò kan sì jẹ́ 130, ara kò yá nìyẹn, bí àpapọ̀ owó tilẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Kí ló ń mú ọmọ èèyàn ṣe báyìí? Ní 1985, Hersh Shefrin àti Meir Statman kọ̀wé lórí bí àwọn tó ń fowó ṣòwò ṣe máa ń yára ta èyí tó ń mú èrè wá, tí wọ́n sì máa ń di èyí tó ń jẹ gbèsè mú. Èdè wa náà ń sọ ọ́. Ẹ gbọ́ bí oníṣòwò ṣe ń sọ̀rọ̀: "Mi ò tíì pàdánù, n kò tíì tà á." "Tíì" yẹn ló ń dáàbò bo ọkàn rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá tà, kò ní láti sọ pé "mo ti pàdánù". Ṣùgbọ́n ọjà kò gbọ́ gírámà. Yálà a tà á tàbí a kò tà á, iye tí a lè rí gbà lórí rẹ̀ lónìí náà ni iye rẹ̀.

Ohun tí ó yí padà lẹ́yìn náà kò pọ̀. Ó ń kọ ìdí tó fi ra nǹkan sínú ìwé kékeré kan, àti ohun tí yóò fi hàn pé ìdí náà kò dúró mọ́. Ó lè sún ààlà sí apá èrè, kò ní sún un sí apá òfò láé. Kò tún ń ra kún ohun tó ń já wálẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí kò yẹ kí n fi pa mọ́ fún yín. Ààlà òfò kì í ṣe ògiri. Nígbà tí iye bá kan ààlà, àṣẹ náà yóò di títà ní iye tí ẹni tó fẹ́ rà bá wà. Tí ọjà bá ń sáré, iye náà lè ti kọjá ibi tí a kọ. Ká ní ọ̀rẹ́ wa fi tirẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tà á ní 1.4770 dípò 1.4800. Òfò rẹ̀ á jẹ́ dọ́là 52. Ìgbà mìíràn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2015, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Swítsálandì ṣàdédé fòpin sí ìlànà tí kò jẹ́ kí yúrò wálẹ̀ ju 1.20 owó wọn lọ. Ọ̀pọ̀ ààlà òfò ló ṣiṣẹ́ níbi tó jìnnà gan-an sí ibi tí àwọn oníwọn kọ. Nítorí èyí, ní alẹ́ ìbò tàbí ìkéde ńlá, ohun tó ń gba èèyàn ni kí iye tó rà kéré, tàbí kó má tilẹ̀ rà rárá. Ọ̀rẹ́ wa máa ń pa fóònù rẹ̀ ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ báyìí, á sì lọ sùn.

Ó dìgbà kan ná.